Àjà yàrá wa ní Ṣómólú kò jò mọ́

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò mú onílé wa ṣe nǹkan kan. Àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ló mú un, pẹ̀lú fọ́tò:

“Ẹ káàsán, Bàbá. Láti 9 Oṣù Kẹfà ni òrùlé ti ń jò sí yàrá ẹ̀yìn, lápá fèrèsé. Ó tún jò ní 14 àti 17. Àjà ti wú, omi sì ti ń sún mọ́ gílóòbù iná. Ẹ jọ̀ọ́, kí káfíńtà wá wò ó kó tó di 21, kó parí iṣẹ́ kó tó di 28.”

Ọ̀rọ̀ iná yẹn ló jẹ́ kí wọ́n tètè dáhùn. Káfíńtà wá, ó rí i pé ìṣó páànù ló ti tú, lókè ju ibi tí omi ti ń kán lọ, ó sì tún un ṣe. A dúró kí òjò ńlá rọ̀, ká rí i pé kò jò mọ́, ká tó kun àjà.