Ìyẹ̀fun Tó Fara Pamọ́ Sínú Ìwúkàrà Ló Ba Búrẹ́dì Mi Jẹ́

Ìyẹ̀fun tó lé ní kílò kan ló ṣòfò mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí àkọsílẹ̀ kan lórí bí a ṣe ń ṣe búrẹ́dì, tí kò sọ gbogbo ohun tó yẹ kó sọ. Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó kọ ọ́ fi pásẹ́ńtì kọ gbogbo nǹkan, bí àwọn tó mọ iṣẹ́ búrẹ́dì ṣe ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́.

Nínú ìṣirò yìí, ìyẹ̀fun ni 100 nígbà gbogbo. Ìwúwo ìyẹ̀fun la fi ń wọn omi, iyọ̀ àti yíìsì. Bí ìyẹ̀fun bá jẹ́ 500 gíráàmù, tí omi jẹ́ 300, omi jẹ́ 60 pásẹ́ńtì nìyẹn. Àpapọ̀ gbogbo wọn á kọjá 100, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn.

Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà ni ìyẹ̀fun 400 gíráàmù, omi 240, iyọ̀ 8 àti 200 ìwúkàrà, ìyẹn ìyẹ̀fun pípò tó ti kan, tó ń mú búrẹ́dì wú. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi jẹ́ 60, ìwúkàrà 50, iyọ̀ 2. Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, búrẹ́dì náà rọ̀, ó sì dùn. Nígbà tó yá, mo fẹ́ ṣe páànù méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 850 gíráàmù, ìyẹn 1,700 lápapọ̀. Ìwúkàrà tó wà nílẹ̀ ò tó, ni mo bá fi yíìsì gbígbẹ 1 pásẹ́ńtì rọ́pò rẹ̀. Mo ro 100, 60, 2 àti 1 pọ̀, ó jẹ́ 163. Mo pín 1,700 sí 1.63, ìyẹ̀fun di 1,043 gíráàmù, omi di 626.

Àfi bí ẹni ń po amọ̀ gbígbẹ. Bí mo bá nà án, ó ń ya. Mo ń ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, omi ń yọ̀ lára rẹ̀ lókè, inú rẹ̀ ò sì gbà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: ìyẹ̀fun tí a ti pò le kì í gba omi mọ́ wẹ́rẹ́, ó máa ń gba àkókò gan-an, ó sì máa ń rẹ apá. Bí mo ṣe sun ún nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bẹ́, inú rẹ̀ ki.

Mo yẹ síkéèlì wò, ó pé. Mo bu yíìsì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó hó dáadáa. Àpò kan náà ni ìyẹ̀fun ti wá. Kò sóhun tó kù tí mi ò tíì yẹ̀ wò àyàfi ìwúkàrà tí mo yọ kúrò. Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an? Ìyẹ̀fun àti omi ni, ìwọ̀n kan náà. Torí náà, 100 gíráàmù ìyẹ̀fun àti 100 gíráàmù omi ló sá pamọ́ sínú 200 yẹn. Ìyẹ̀fun kì í ṣe 400 mọ́, 500 ni. Omi kì í ṣe 240, 340 ni. Pín in wò: 68 pásẹ́ńtì! Iyọ̀ pàápàá, 1.6 ni, kì í ṣe 2.

Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn èèyàn ń gbà kọ ọ́ lóòótọ́. Àwọn kan ń ka ìwúkàrà sí èlò lọ́tọ̀, àwọn mìíràn ń tú u palẹ̀. Bí èèyàn bá kàn fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, èyíkéyìí á ṣiṣẹ́. Ìgbà tó bá fẹ́ dín ìwúkàrà kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì yẹ kí ẹni tó kọ ọ́ sọ.

Mo tún un ṣe, mo sì fi iyọ̀ sílẹ̀ ní 2. 100, 68, 2 àti 1 jẹ́ 171. Mo pín 1,700 sí 1.71: ìyẹ̀fun 994, omi 676, iyọ̀ 20, yíìsì 10. Ó rọ̀ lọ́wọ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì wú kún páànù méjèèjì. Inú mi dùn gan-an.

Ẹni tí ìwúkàrà rẹ̀ bá tó lè yọ yíìsì kúrò, kó fi 1.70 pín 1,700. Ìyẹ̀fun á jẹ́ 1,000 gédégédé. Bí 20 pásẹ́ńtì rẹ̀ bá máa ti inú ìwúkàrà wá, 400 gíráàmù ìwúkàrà ni, èyí tó ń gbé 200 ìyẹ̀fun àti 200 omi bọ̀. Ohun tó kù láti wọ̀n ni ìyẹ̀fun 800, omi 480 àti iyọ̀ 20.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe po ìwúkàrà náà o. Ká ní èyí tó le ni, tí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì omi, 200 gíráàmù rẹ̀ á ní nǹkan bíi 133 ìyẹ̀fun àti 67 omi. Àkọsílẹ̀ kan náà yẹn á wá já sí omi tí kò tó 58 pásẹ́ńtì, búrẹ́dì mìíràn pátápátá.