Ilẹ̀ Oníyanrìn: Ẹ Má Da Àpò Yùríà Tán Lẹ́ẹ̀kan

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti àyíká rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ oko o.

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ lóko yín, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ rún un bí òkèlè. Bó bá ń tú mọ́ yín lọ́wọ́, iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin la sì kọ lẹ́tà yìí sí.

Hóró iyanrìn tóbi, kò sì ní ohun tí yóò fi di oúnjẹ ọ̀gbìn mú. Yùríà tí ẹ bá fi síbẹ̀ yóò yòrò, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi di irú èyí tí omi ń wọ́ lọ. Bí òjò ńlá bá rọ̀ léraléra, ó ti kọjá ibi tí gbòǹgbò àgbàdo dé nìyẹn. Ohun jíjẹrà ló dà bíi tìmùtìmù nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó ń gba omi dúró, ó sì ń di oúnjẹ mú.

Ẹ jẹ́ ká mú éékà àgbàdo kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó gbìn, ẹ fọ́n tọ́ọ̀nù 2 ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa sí i, ìyẹn 80 àpò oníkìlò 25, kí ẹ tó kọ ebè lé e. Èyí tó ṣì gbóná, tí òórùn rẹ̀ ń ta imú, yóò jó èhù. Bí owó ò bá ká 80, ẹ da ìwọ̀nba tí ẹ rí sí ojú ìlà tí ẹ ó gbìn sí nìkan. Ẹ má sì dáná sun pòròpórò. Oòrùn wa kì í jẹ́ kí ohun jíjẹrà pẹ́ nílẹ̀, ọdọọdún lẹ ó máa fi kún un.

Àpò NPK 15-15-15 mẹ́ta ni kó kọ́kọ́ wọlé, ní nǹkan bí ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ẹ gbìn. Lẹ́yìn náà ni àpò yùríà kan, oníkìlò 50: ìdajì ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìdajì kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkeje. Lóòótọ́, owó alágbàṣe yóò lé sí i, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí òjò gbé ìdajì àpò lọ.

Kí ọwọ́ má baà wúwo, ẹ fi abọ́ pín kìlò 25 yẹn sí ọ̀nà mẹ́wàá tó dọ́gba, kí ẹ pín ìlà oko náà sí mẹ́wàá. Bí ìpín kan bá tán kí ìlà tirẹ̀ tó parí, ẹ dín bí ẹ ṣe ń bù ú kù.

Ẹ gbẹ́ ihò kékeré ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ẹsẹ̀ àgbàdo, ẹ bù ú sí i, kí ẹ sì fi ilẹ̀ bò ó. Èyí tó bá wà lójú ilẹ̀ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tó bá sì fara kan ẹsẹ̀ àgbàdo yóò jó o. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù, àmọ́ bí òjò ńlá bá ti ṣú, ẹ dúró kó rọ̀ tán.

Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n láti ṣóńṣó, tó ń gba àárín ewé wọlé, oúnjẹ ti ń wọ́n ọn nìyẹn. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kẹfà mọ́, ẹ fi ìdajì tó kù sí i. Bó bá ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ tán, ọmọ rẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ jẹ èrè rẹ̀ mọ́.