Àbá lórí ìtò àwọn ìjókòó tí yóò máa wáyé lásìkò kan náà

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ àpérò àwọn olùkọ́ èdè, kí a tó pín àkókò, mo dábàá pé kí olúkúlùkù tó bá forúkọ sílẹ̀ sàmì sí ìjókòó mẹ́rin tó wù ú jù, kí a sì ka iye ènìyàn tó yan ìjókòó méjì kan náà pọ̀, nítorí iye yìí wúlò ju iye tó yan ìjókòó kọ̀ọ̀kan lọ. Ká ní nínú 100 ènìyàn, 60 yan ìtumọ̀, 55 yan kọ̀ǹpútà, 50 sì yan oríkì. Bí 40 bá yan ìtumọ̀ àti kọ̀ǹpútà pọ̀, tó sì jẹ́ pé 12 péré ló yan ìtumọ̀ àti oríkì pọ̀, ìtumọ̀ àti oríkì lè bọ́ sí àkókò kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ gbajúmọ̀, nítorí 12 yẹn nìkan ni yóò pàdánù ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ni kí a sún sí àkókò mìíràn. Ibi tí a sábà máa ń ṣì í ni ìjókòó kékeré tí a kàn fi há ẹ̀gbẹ́ èyí tó gbajúmọ̀: bí gbogbo àwọn tó yàn án bá tún yan èyí tó gbajúmọ̀, yàrá rẹ̀ lè ṣófo. Kí a tó tẹ ìtò náà jáde, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé olùbánisọ̀rọ̀ kankan kò ní ìjókòó méjì lásìkò kan náà.