Bí olórí ọ̀dọ́ ṣe ń kéde ọjọ́ ìmọ́tótó àdúgbò kí èèyàn lè jáde

Ká ní ìwọ ni olórí ọ̀dọ́ àdúgbò kan lẹ́yìn ọjà Sábó ní Ìkòròdú, tí wọ́n sì gbé máìkì fún ẹ nípàdé ìrọ̀lẹ́ Àìkú pé kí o kéde iṣẹ́ Sátidé. Ṣáájú ọjọ́ náà, lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ akólẹ̀ kí ẹ jọ fẹnu kò lórí aago. Ẹrẹ̀ tí a bá wà sí etí gọ́tà, òjò kan ṣoṣo ló máa gbá a padà sínú rẹ̀, àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ta ló máa kó o?" ni wọ́n á kọ́kọ́ bi ẹ́.

Tí o bá ti kí wọn tán, má wàásù ìmọ́tótó. Dárúkọ gọ́tà kan tí gbogbo wọn mọ̀:

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ṣé ẹ mọ gọ́tà ẹnu géètì? Bí òjò bá ti rọ̀, inú ṣọ́ọ̀bù àwọn ìyá wa ni omi rẹ̀ ń wọ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló dí i, àwa náà la sì jù ú síbẹ̀. Láti ẹnu géètì dé ojú àgbàrá nísàlẹ̀, ibẹ̀ nìkan la fẹ́ kó ní Sátidé."

Má yọ "ibẹ̀ nìkan" yẹn kúrò. Bí o bá ní gbogbo àdúgbò lẹ máa kó, ẹ ó fọwọ́ kan ibi púpọ̀, ẹ ò ní parí ọ̀kan.

Ibi ìpàdé àti aago ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í sọ. "Ẹ pàdé wa ní Sábó" kò tó, Sábó tóbi: àwọn kan á dúró sẹ́nu ọjà, àwọn kan á wà ní ibùdókọ̀. Sọ ọ́ báyìí:

"Aago 7 àárọ̀ Sátidé, níwájú mọ́ṣáláṣí ẹnu géètì. Tó bá ti di aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 15, a ti gbéra. Ẹni tó bá pẹ́, kó wá bá wa létí gọ́tà. Ẹni tó ní ṣọ́bìrì, kó mú un wá. Ẹni tí ò ní, kó mú àpò ìrẹsì tó ti ṣófo. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ má wọ sílípáàsì, torí àfọ́kù ìgò. Kí ọmọdé má wọ inú gọ́tà. Ẹrẹ̀ wúwo, ẹ má rọ ọ́ ju ìdajì àpò lọ. Ọkọ̀ akólẹ̀ á dé ní aago 9, a ó tú ká ní aago 10."

Aago 7 sí 10 ti mọ́ àwọn àgbà lára láti ayé Sátidé ìparí oṣù. Aago ìtúká gan-an sì ni ìyá ọlọ́jà ń dúró gbọ́, kó lè mọ ìgbà tí òun máa ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Má béèrè pé "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn ló máa dáhùn pé ó yé àwọn. Na ọwọ́ sí ẹnì kan lẹ́yìn: "Àbúrò, aago mélòó? Níbo?" Bó bá ní Sábó, tún un sọ látòkèdélẹ̀. Tó bá di alẹ́ Jímọ̀, fi ibi ìpàdé, aago àti ohun tí wọ́n máa mú wá nìkan ránṣẹ́ sórí wáńsáàpù àdúgbò.