Bí A Ṣe Ń Fi Òfin Wo Ìtàn Inú Ìdánwò: Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tẹ̀júòṣó

Mo ti ka ìwé ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin púpọ̀ ní Yábàá àti Akọka. Òfin yé wọn. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n á sì ju ìdájọ́ sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí okùn tó so méjèèjì pọ̀. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń lọ.

Ẹ wo ìbéèrè yìí. Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá Bọ́lá, aránṣọ ní ọjà Tẹ̀júòṣó, kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Kúnlé lórí fóònù: “Màá ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún ẹ ní ₦200,000. Mo fún ẹ di ọjọ́ Ẹtì.” Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Kúnlé fèsì: “Ẹ ṣé mà. Ṣé ẹ lè gbà kí n san án lẹ́ẹ̀mejì?” Ìyá Bọ́lá kò dáhùn. Lọ́jọ́ Rú, ó ta ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn, kò sì sọ fún Kúnlé. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Kúnlé kọ̀wé pé: “Mo gbà mà, ₦200,000, màá san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.” Ìyá Bọ́lá kà á, ó ní òun ti tà á. Ẹ gba Kúnlé nímọ̀ràn.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, nítorí òun ló sọ ẹni tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún. Lẹ́yìn náà, ẹ to àwọn ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ọ̀kan lábẹ́ èkejì.

Ẹ wá dá ìbéèrè kéékèèké sílẹ̀. “Ṣé àdéhùn wà?” ti gbòòrò jù. Ohun tó wà nílẹ̀ gan-an ni pé, ṣé ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pa ọ́fà ọjọ́ Ajé, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí Ìyá Bọ́lá fi ní òun máa ta ẹ̀rọ náà fún Kúnlé? Bí kò bá pa á, ṣé títà tí wọ́n tà á lọ́jọ́ Rú pa á?

Ẹ kọ òfin ní ṣókí. Nínú ẹjọ́ Hyde àti Wrench ti 1840, wọ́n ní £1,000 ni oko kan, olùrà ní £950 lòun máa san, olóko kọ̀. Olùrà padà wá ní òun gba £1,000, ilé ẹjọ́ ní kò sí nǹkan tó kù fún un láti gbà mọ́, torí £950 tó dá ti pa ọ́fà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Stevenson àti McLean ti 1880, olùrà irin kàn béèrè bóyá wọ́n lè fi oṣù méjì kó ọjà náà fún òun ni. Ilé ẹjọ́ ní ìbéèrè lásán nìyẹn, ọ́fà ṣì wà láàyè.

Iṣẹ́ gidi ló kàn báyìí. Ẹ mú ọ̀rọ̀ Kúnlé fúnra rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òfin: “Kúnlé sọ pé ‘ṣé ẹ lè gbà’. Ìbéèrè ni. Kò dá iye mìíràn, kò sì sọ pé òun kò ní san ₦200,000. Èyí yàtọ̀ sí £950 inú ẹjọ́ Hyde, ó jọ ìbéèrè olùrà irin.” Ẹ gbọ́ ti Ìyá Bọ́lá náà: agbẹjọ́rò rẹ̀ á ní ẹni tó fẹ́ san lẹ́ẹ̀mejì ti yí àdéhùn padà. Ẹ dá a lóhùn pé bí ó bá ti kọ “lẹ́ẹ̀mejì ni màá san” ni ìyẹn ì bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú ọjà wa tí ìdúnàádúrà ti jẹ́ àṣà, ìyàtọ̀ yìí rọrùn láti fojú fò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti fi òfin wo ìtàn lóòótọ́, ẹ fọwọ́ bo orúkọ inú ìpínrọ̀ yín. Bó bá ṣì lè wọ ìbéèrè ẹlòmíràn láìyí nǹkan kan padà, òfin nìkan lẹ tún kọ.

Ìbéèrè kejì kò gùn. Kúnlé kò san kọ́bọ̀ fún ìlérí “di ọjọ́ Ẹtì”, nítorí náà Ìyá Bọ́lá lè yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n yíyẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dé etí Kúnlé. Nínú ẹjọ́ Dickinson àti Dodds ti 1876, olùrà pàdánù nítorí pé ó ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ọjà ti ń lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó gbà. Kúnlé kò gbọ́ nǹkan kan. Ká ní ìbéèrè náà sọ pé aládùúgbò kan tó ṣeé gbà gbọ́ ti sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Rú, ìdáhùn yín gbọ́dọ̀ yí padà.

Nítorí náà, àdéhùn wà láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ẹ má dúró síbẹ̀, ìmọ̀ràn ni wọ́n ní kí ẹ gbà á. Ẹ̀rọ ti wà lọ́wọ́ ẹni tó fi owó rà á, nítorí náà owó ni Kúnlé máa gbà. Bí irú ẹ̀rọ kan náà bá jẹ́ ₦230,000 lọ́jà lọ́jọ́ tí Ìyá Bọ́lá kọ̀ láti gbé e sílẹ̀, ₦30,000 ni kí ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.