Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Àyẹ̀wò Etí: Ṣé Ojú Ọ̀nà Ló Dí, àbí Etí Inú Ló Bà Jẹ́?

Ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́rọ̀ ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ máa gba ìwé kan tó kún fún àmì róbótó, àmì ìsọdipúpọ̀ àti ìlà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ká ìwé náà sínú fáìlì láì wò ó lẹ́ẹ̀kejì. A fẹ́ kí ẹ wò ó, torí ó ní ohun kan tó ń sọ fún yín tí ojú kò lè rí bó ti wù kí wọ́n tan iná sínú etí yín tó: bóyá ohun tó fa etí dídi náà wà lójú ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé, tàbí ó wà nínú etí inú, níbi tí ohùn ti ń di ohun tí ọpọlọ lè gbọ́. Ibi tó bá wà ló ń sọ ohun tí ìtọ́jú lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ wo òkè ìwé náà, láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ máa rí 250, 500, 1000, 2000, 4000 àti 8000, pẹ̀lú lẹ́tà Hz. Ohùn tó nípọn, tó rẹlẹ̀, wà lápá òsì. Ohùn tó tínínrín, irú ti fèrè tàbí ti ẹyẹ, wà lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìwé, láti òkè sí ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti -10 tàbí 0, ó sì ń lọ dé nǹkan bíi 120, pẹ̀lú lẹ́tà dB. Bí ohùn ṣe ní láti lágbára tó kí ẹni náà tó gbọ́ ọ nìyẹn. Nítorí náà, bí àmì bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni etí náà ṣe ń di sí i. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé nọ́ńbà ńlá túmọ̀ sí etí tó dára, bíi máàkì ilé-ìwé; òdì rẹ̀ ni. Fún àgbàlagbà, àmì tí kò bá kọjá 20 jẹ́ ti etí tó dá ṣáká.

Àmì kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àbá. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò náà máa ń dín ohùn kù ní 10, 10 títí ẹ kò fi ní gbọ́ ọ mọ́, á wá fi 5, 5 kún un títí ẹ ó fi tún gbọ́. Ohùn tó kéré jù tí ẹ gbọ́ ní ó kéré tán ìdajì ìgbà tó fi lù ni ó ń kọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò tòótọ́ fi ń gba àkókò. Tí wọ́n bá parí tiyín kíákíá láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọn àmì apá òsì, torí ariwo tó nípọn bẹ́ẹ̀ máa ń bo ohùn tó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, etí tó dára á sì dà bí ẹni tó ti ń di.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń gbé ohùn wọ inú etí. Èkíní gba hẹ́dífóònù: ohùn wọ ihò etí, ó lu awọ etí, àwọn egungun kéékèèké mẹ́ta tó wà lẹ́yìn awọ náà sì gbé e dé etí inú. Àmì róbótó pupa ni ti etí ọ̀tún. Àmì ìsọdipúpọ̀ aláwọ̀ búlúù ni ti etí òsì. Èkejì gba ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbọ̀n, tí wọ́n gbé lé egungun ẹ̀yìn etí. Ìgbọ̀n yẹn ń gba inú egungun orí lọ tààrà sí etí inú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò ihò etí, awọ etí tàbí egungun mẹ́ta náà rárá. Àmì < ni ti ọ̀tún, > sì ni ti òsì. Ilé ìwòsàn kan lè lo àmì mìíràn. Àlàyé rẹ̀ máa ń wà létí ìwé.

Ní kúkúrú, ìlà ti egungun ń sọ bí etí inú ṣe lágbára tó. Ìlà ti hẹ́dífóònù ń sọ bí gbogbo etí ṣe ń ṣiṣẹ́, látẹnu ọ̀nà dé inú. Ohun tí ìwé náà wà fún ni àlàfo àárín méjèèjì. Àlàfo 10 kò tó nǹkan, torí èèyàn lè yí padà díẹ̀ láti ìgbà kan sí èkejì. Tó bá di 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ju ibì kan lọ, nǹkan kan ń dí ohùn lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká ka ìwé méjì láti ilé kan ṣoṣo ní Iléṣà. Àpẹẹrẹ la fi wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n irú wọn la ń rí.

Ọmọbìnrin ilé náà jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Etí ọ̀tún rẹ̀ ti ń tú láti kékeré. Ó máa ń gbẹ fún ìgbà díẹ̀, tí omi bá sì ti wọ̀ ọ́ nígbà ìwẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ti hẹ́dífóònù ní etí yẹn jẹ́ 45 ní 500, 45 ní 1000, 40 ní 2000, àti 40 ní 4000. Ti egungun jẹ́ 10, 10, 15 àti 10. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: àlàfo náà jẹ́ 35, 35, 25 àti 30. Etí inú ọmọ yìí dá ṣáká. Awọ etí rẹ̀ ló lu, bóyá àwọn egungun kéékèèké náà sì ti jẹrà díẹ̀. Etí dídi ti ojú ọ̀nà nìyí. Ìlà egungun rẹ̀ ló ń sọ ibi tí ìgbọ́rọ̀ lè padà dé: bí dókítà bá mú kí etí náà gbẹ, tí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi lẹ awọ rẹ̀ sì yọrí sí rere, ó lè súnmọ́ 10 yẹn, kò sì lè kọjá rẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ wo inú etí náà kó tó mọ ohun tó fà á, torí epo etí tó dì pọ̀ tàbí omi tó dúró lẹ́yìn awọ etí máa ń fún wa ní àlàfo bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi adìn tàbí omi ewé sínú etí tó lu. Ẹ má sì ra oògùn kíkán etí fúnra yín, torí àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n lè gba ihò yẹn wọlé lọ ba etí inú tó ṣì dára jẹ́.

Bàbá rẹ̀, ẹni ọdún 54, ló ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti àgbàdo lẹ́bàá ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Tirẹ̀ ní etí ọ̀tún, ti hẹ́dífóònù, jẹ́ 15 ní 500, 20 ní 1000, 30 ní 2000, 65 ní 4000, àti 45 ní 8000. Ti òsì jọ ọ́. Ti egungun jẹ́ 15, 15, 30 àti 60 láti 500 dé 4000. Àlàfo kò sí: 0, 5, 0, 5. Ìlà méjèèjì jọ wálẹ̀ ni. Etí inú ló bà jẹ́, kò sí nǹkan kan tó dí lójú ọ̀nà, fífọ etí kò sì ní ṣe é ní àǹfààní kankan. Ẹ wo bí ìlà náà ṣe ṣubú sínú kòtò ní 4000, tó sì gòkè díẹ̀ ní 8000. Ariwo tí èèyàn ń gbọ́ fún ọdún pípẹ́ ló sábà máa ń fa irú kòtò bẹ́ẹ̀. Ká ní ti ọjọ́ ogbó nìkan ni, ìlà náà á máa lọ sísàlẹ̀ sí i títí dé 8000 ni.

Ìdí nìyẹn tí bàbá yìí fi ń sọ pé, “Mò ń gbọ́ ohùn yín, ohun tí ẹ ń sọ ni mi ò gbọ́.” Ohùn tó nípọn ló ń gbé àmì ohùn Yorùbá, ìyẹn sì ṣì ń wọlé fún un dáadáa. Àwọn ìró bíi f, s àti ṣ ló wà lápá ọ̀tún ìwé náà. Ẹ ní kó fọ̀ ọ́, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ sì ń rò pé kò fọkàn sí yín. Kíkígbe mọ́ ọn kò wúlò tó kí ẹ kojú sí i, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ kedere. Oògùn kò lè dá ohun tó ti kú nínú etí inú yẹn padà. Ohun èlò ìgbọ́rọ̀ lè ràn án lọ́wọ́, ìbòtí tó nípọn lẹ́nu iṣẹ́ sì lè dáàbò bo èyí tó kù.

Àwọn kan wà tí ìlà egungun wọn wálẹ̀, tí àlàfo tún wà lórí rẹ̀. Ìyẹn ni àdàpọ̀ méjèèjì. Àlàfo nìkan ni ìtọ́jú ojú ọ̀nà lè tì pa.

Ó ku ohun kan tó ń ṣi èèyàn lọ́nà, ó sì léwu. Ìgbọ̀n orí egungun kì í dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Etí inú méjèèjì ló ń dé. Ẹ ro ọmọ kan tí ṣegede pa etí ọ̀tún rẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà lé ẹ̀yìn etí tó ti kú yẹn, etí òsì tó dára ló máa dáhùn, wọ́n á sì kọ 10 sílẹ̀. Tí wọ́n bá tún fi hẹ́dífóònù gbé ohùn tó lágbára sí ọ̀tún, ó lè jò gba inú orí kọjá sí òsì. Wọ́n á kọ 55 tàbí 60. Ìwé á wá fi àlàfo ńlá hàn, bíi ti ọmọbìnrin aránṣọ yẹn, nígbà tó jẹ́ pé etí inú ló kú. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè ná owó lórí iṣẹ́ abẹ tí kò lè wúlò láé.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n fi ariwo tó ń hó ṣáá dí etí tó dára lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń yẹ èkejì wò. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì egungun á yí padà di [ fún ọ̀tún tàbí ] fún òsì. Torí náà, bí etí kan bá sàn ju èkejì lọ dáadáa, tí ìwé sì fi àlàfo hàn, ẹ wá àmì akọ́mọ yẹn. Bí kò bá sí, ẹ béèrè pé kí wọ́n tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Bí etí kan bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí kí ó máà tó bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí àyè á yọ tàbí tí ọjà á tà. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àlàfo kò sí, oògùn wà tí dókítà lè fún yín, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló ti lágbára jù. Ọjọ́ tí etí bá di gan-an ni kí ẹ lọ, yálà sí ilé ìwòsàn Wẹ́sílì Gúìlìdì ní Iléṣà tàbí sí Ifẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé òjijì ni.