Ìwé Kan, Ẹ̀rí Mẹ́ta: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Títọ́ka Sí Ìtàn Johnson

Nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, irú gbólóhùn yìí pọ̀ bí i kí ló dé: “Ní ayé Aláàfin Onígbogí ni àwọn Tápà lé àwọn ará Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé (Johnson, 1921).” Ìwé The History of the Yorubas tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹ ṣí ojú ewé kan sí i, ìwé kan náà ni wọ́n tún fi jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ogun Kírìjì. Ẹ tún ṣí òmíràn, òun náà ni wọ́n fi sọ ibi tí Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Orúkọ kan, ọdún kan nínú àkámọ́, bí ẹni pé ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Wọn kò dọ́gba rárá, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ìpín náà lórí ahọ́n. Orísun àkọ́kọ́ ni èyí tó ti ọwọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ jáde, tàbí tó ṣẹ́kù láti ìgbà náà gan-an: lẹ́tà, ìwé àdéhùn, ìwé ìrántí ojoojúmọ́, àpáàdì tí wọ́n hú nílẹ̀. Orísun kejì ni iṣẹ́ ẹni tó kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ, tó yẹ̀ wọ́n wò, tó sì sọ ibi tí ó rò pé òótọ́ wà. Orísun kẹta ń ṣa iṣẹ́ àwọn oníwádìí pọ̀ ní ṣókí fún ẹni tó fẹ́ tètè mọ̀: ìwé kíkà ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìmọ̀ gbogbogbòò, àtẹ orúkọ àwọn ọba. Lílò wọn ló ń dojú rú.

Ẹ má fún ìwé ní ipò kan títí láé

Akẹ́kọ̀ọ́ á béèrè pé, “Ṣé orísun àkọ́kọ́ ni Johnson, àbí orísun kejì?” Á wá máa retí ìdáhùn kan ṣoṣo. A kò lè dá a lóhùn títí tí yóò fi sọ ohun tí ó fẹ́ fi ìwé náà jẹ́rìí sí. Àlùfáà Samuel Johnson fúnra rẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ ní Ọ̀yọ́ ní 1897. Ó ní, fún ìgbà láéláé, ohun tí àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ sọ ni òun kọ sílẹ̀. Láti ayé Aláàfin Abíọ́dún wá síhìn-ín, ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn tàbí tí wọ́n kópa nínú rẹ̀ ni òun ti gbọ́ ọ. Ó dárúkọ díẹ̀ nínú wọn pàápàá, Lágúnjú tó jẹ Tìmì Ẹdẹ wà lára wọn. Ojú ewé díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tọ́ka sí ìwé náà ń fò ó kọjá.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo àwọn gbólóhùn mẹ́ta tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn onímọ̀ fi ayé Onígbogí sí. Wọ́n sì bí Johnson ní 1846, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà. Kò rí ogun Tápà, ẹni tó sọ fún un kò rí i, bàbá ẹni yẹn kò sì rí i. Ohun tí ìwé náà lè gbé ró níbí ni pé àwọn arọ́kin ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láyé Johnson. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ pé: “Gẹ́gẹ́ bí àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ṣe sọ ọ́ fún Johnson ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ayé Onígbogí ni àwọn Tápà lé wọn.” Gbólóhùn náà gùn sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fẹ̀yìn tì í.

Ti Kírìjì yàtọ̀ pátápátá. Johnson ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ìbàdàn, ó jíṣẹ́ fún Aláàfin Adéyẹmí Kìíní lọ sọ́dọ̀ gómìnà Èkó, nígbà tó sì di 1886, òun àti Charles Phillips ni gómìnà rán lọ sí ibùdó àwọn ológun láti parí ìjà. Níbi tó ti ń sọ ohun tó rí ní ibùdó wọ̀nyẹn, ẹlẹ́rìí ojúkorojú ni.

Ẹ̀kẹta ló máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Johnson gbà pé láti apá òkè Íjíbítì tàbí Núbíà ni Yorùbá ti wá. Tí ẹ bá fi èyí jẹ́rìí sí orírun Yorùbá, àbá ẹnì kan lásán ni ẹ dì mú, ó sì ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń kọ nípa bí àwọn ọ̀mọ̀wé onígbàgbọ́ Yorùbá ṣe ń ro ara wọn sí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orísun àkọ́kọ́ tó dáa gan-an ni ojú ewé yẹn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tọ́, síbẹ̀ ẹ̀rí tó jẹ́ kò yingin.

Ẹ má rò pé “ó ṣojú rẹ̀” túmọ̀ sí “kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan”

Lójú àwọn kan, tí orísun bá ti jẹ́ àkọ́kọ́, àríyànjiyàn ti parí nìyẹn. Agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson í ṣe, àárín Ìbàdàn ló gbé dàgbà, ojú ìhà ibẹ̀ ló sì fi wo ogun tó wà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìpàrapọ̀. Ohun tí ó ní ó ṣojú òun, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ní àwọn Ìjẹ̀ṣà ń gbìmọ̀, ẹ wá a sí ibòmíràn kí ẹ tó kọ ọ́ bí òtítọ́. Ọ̀nà kan tí mo fi máa ń yẹ irú ibẹ̀ wò ni kí n béèrè pé: ibo ló dúró sí nígbà tí nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀? Tí kò bá sí níbẹ̀, àgbọ́sọ ni, àgbọ́sọ láti ẹnu ẹni tó mọ ọ̀pọ̀ nǹkan, bẹ́ẹ̀ sì ni, àmọ́ àgbọ́sọ náà ni.

Nǹkan míràn tún wà tí ọdún 1921 inú àkámọ́ bò mọ́lẹ̀. Ìwé tí Johnson parí kọ́ ni a ń kà. Wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba ní 1899, ó sì wọmi síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ jọ, tó sì tún gbogbo ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún fi èyí ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ojú omi tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn Jámánì nínú ogun àgbáyé kìíní, ó sì lé ní ọdún méjì kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé. Obadiah náà kú ní 1920, ìwé jáde ní ọdún kejì.

Ìyẹn ni pé ọwọ́ méjì ló wà nínú ohun tí a ń pè ní Johnson, a kò sì lè fi gbogbo ara ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ bá dúró lórí bí gbólóhùn kan ṣe rí ní pàtó kò gbọdọ̀ kọ pé, “Ní 1897, Johnson kọ ọ́ pé…” Fún Kírìjì, ọ̀nà àbáyọ wà. Àwọn ìròyìn tí Johnson fúnra rẹ̀ ń kọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS lákòókò ogun náà ṣì wà nínú àkójọ ìwé ẹgbẹ́ náà ní Yunifásítì Birmingham. Níbi tí ìròyìn náà àti ìwé 1921 kò bá ti bára mu, ìròyìn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹ̀, nítorí pé gbígbóná rẹ̀ ló kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì tún un kọ.

Ẹ má ka ẹnu kan sí mẹ́ta

Èyí ló ń tan àwọn tó ṣiṣẹ́ kára gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka Johnson, á ka ìwé ìtàn ìlú tí ọmọ ìlú kan kọ lẹ́yìn rẹ̀, á wá lọ fọ̀rọ̀ wá bàbá àgbà kan lẹ́nu wò. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu, inú rẹ̀ á dùn, á kọ pé “orísun mẹ́ta fìdí rẹ̀ múlẹ̀.” Ṣùgbọ́n láti 1921 ni àwọn olùkọ́ àti àlùfáà ti ń ka ìwé Johnson, tí wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, tí àwọn ọmọ wá di àgbà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ìwé ni bàbá náà ti rí i, kì í ṣe lẹ́nu bàbá tirẹ̀, kó má sì rántí mọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

A lè mọ̀ tí a bá fara balẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé, “Bàbá, ta ló sọ èyí fún yín?” Ẹ wò ó bóyá orúkọ àwọn ọba tò tẹ̀ léra gẹ́lẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé, títí kan ibi tí ìwé gbé fo nǹkan. Oríkì, orin ọdún, ẹjọ́ ilẹ̀ àti èèwọ̀ ìdílé ni kí ẹ tẹ́tí sí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ohun tí kò sí nínú Johnson sábà máa ń fara pamọ́ sí. Àgbà tó ta ko ìwé náà níbì kan wúlò ju mẹ́wàá tó ń kà á jáde lórí lọ.

Ẹ má fi àtẹ ọba jẹ́rìí sí ọdún

Ẹ ó rí àtẹ àwọn Aláàfin tí wọ́n fi ọdún sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí ìwé kékeré tó ní 1837 ni wọ́n fi Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀, òmíràn á ní 1835. Orísun kẹta ni wọ́n, wọn kì í sì í sábà sọ ẹni tó ṣírò ọdún náà fún wọn. Wọ́n dáa láti fi mọ ọ̀nà. Ẹ̀rí kọ́ ni wọ́n.

Ẹ wo bí ọdún náà ṣe ń jáde. Hugh Clapperton wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní 1826, ó bá Aláàfin níbẹ̀, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1829. Richard àti John Lander náà dé ibẹ̀ ní 1830, ọba ṣì wà lórí ìtẹ́. (Katunga ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìlú náà, ẹni tó bá ń wá “Oyo” nìkan nínú ìwé wọn á pàdánù.) Orísun àkọ́kọ́ méjì yìí gbé gbólóhùn kan ró dáadáa: ìlú náà kò tíì tú ní 1830. Wọn kò lè sọ ìgbà tí ó tú. Johnson ló fún wa ní bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra lẹ́yìn ìyẹn: Amọ́dò jọba, Olúewu tẹ̀ lé e, Olúewu kú sógun Ẹlẹ́dùwẹ́, ìlú tú, Àtìbà sì jọba ní Àgọ́-Ọ̀jà tó di Ọ̀yọ́ òní. Ó tò ó fún wa, ṣùgbọ́n kò fi ọdún sí i.

Oníwádìí ló gbọ́dọ̀ so méjèèjì pọ̀. Robin Law ṣe èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjọba Ọ̀yọ́ tó jáde ní 1977, ó sì fi òpin rẹ̀ sí nǹkan bí 1836. Ẹ kíyè sí “nǹkan bí” yẹn: òun gan-an ni àwọn àtẹ máa ń yọ kúrò. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọdún náà, Law ni kí ẹ tọ́ka sí, ẹ sì fi “nǹkan bí” rẹ̀ sí i, nítorí pé ìdájọ́ rẹ̀ ni ẹ ń yá lò. Tí ó bá jẹ́ pé ohun tí Clapperton rí ni ẹ fẹ́ sọ, ẹ ṣí ìwé Clapperton fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ inú Law nìkan ni ẹ ti kà á, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “Clapperton, gẹ́gẹ́ bí Law ṣe fà á yọ.”